Ta Ni Ọmọlúàbí: Ẹni Tí Ó Mọ Ènìyàn Í Kí, Tàbí Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Mọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń wí kì í ṣe aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀, ìwà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá dé òde tán, báwo ni a ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú? Ìbéèrè yìí ká mi mọ́ inú yàrá iṣẹ́ mi lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì wá gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ mi. Ohun tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ ni pé kí n kọ ọ́ pé ọmọlúàbí ni wọ́n.

Ẹni àkọ́kọ́ kì í rí mi kí ó má dọ̀bálẹ̀. Òun ni akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún odindi ọdún kan. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí ó wá ṣírò owó, ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ dídùn ni ó fi ń sún un síwájú, títí ó fi kúrò nípò láìsí ẹni tí ó rí ìwé ìnáwó. Ẹnì kejì ni ó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kì í kí ènìyàn dáadáa. Bí ó bá ti sọ pé “Ẹ káàárọ̀, sà,” ó ti kọjá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ wo Ilé-Ifẹ̀, onímọ́tò dín 6,000 náírà kù fún un ní kọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀. Ó dá owó náà padà sí àpò ẹgbẹ́, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé òun kò sùn fún òru méjì, nítorí pé òun jẹ gbèsè owó ilé, ojú òun sì wọ owó náà gidigidi.

Ta ni ọmọlúàbí nínú àwọn méjèèjì? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ sọ. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìwà, àwọn onímọ̀ kan a máa béèrè pé, kí ni òfin wí? Àwọn mìíràn a ní, kí ni yóò tìdí ọ̀rọ̀ náà yọ? Ṣùgbọ́n Arísítọ́tù, tí ó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, béèrè pé, irú ènìyàn wo ni ó yẹ kí a jẹ́? Ìbéèrè rẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ tún gbé dìde láti ọdún 1958, nígbà tí Elizabeth Anscombe, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé ẹ̀kọ́ òfin nìkan kò tó. Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Àwa náà kì í kọ́kọ́ sọ pé “ó rú òfin”, ohun tí a máa ń sọ ni pé “kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.”

Ọ̀nà tí ìwà fi ń wọ ènìyàn lára ni ohùn àwọn méjèèjì ti ṣọ̀kan jù. Arísítọ́tù ní gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń di ọ̀mọ̀lé nípa ilé kíkọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń di olódodo nípa ṣíṣe òdodo. Ìṣe tí a bá ń ṣe léraléra láti kékeré ni ó ń di ìwà. Yorùbá ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìdí nìyí tí ìyá fi ń ní kí ọmọ kúnlẹ̀ kí ó tó mọ ìdí rẹ̀. Orúnkún ni a kọ́kọ́ ń kọ́. Ọkàn yóò tẹ̀ lé e bí ẹ̀kọ́ náà bá wọlé.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá wọlé ni mo wí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà. Arísítọ́tù pín ènìyàn sí ipò mẹ́rin, inú ni ó sì wò. Ẹni rere ń ṣe rere, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ẹni tí ó ń kó ara rẹ̀ níjàánu ń ṣe rere, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibi. Ẹni tí kò lágbára mọ rere, ìfẹ́ ọkàn sì borí rẹ̀. Ẹni búburú yan ibi, kò sì kábàámọ̀. Bí a bá gbé akápò kejì sórí ìwọ̀n yìí, ipò kejì ni yóò bọ́ sí: ó dá owó padà, ṣùgbọ́n òru méjì ni ó fi bá ara rẹ̀ jà.

Ẹ̀kọ́ ni Yorùbá fi ń pín ènìyàn ní tirẹ̀. Àbíìkọ́ ni ẹni tí wọ́n bí tí wọn kò kọ́. Ẹ̀bi ilé rẹ̀ ni. Àkọ́ìgbà ni ẹni tí wọ́n kọ́ tí kò gbà. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Ọmọlúàbí ni ẹni tí wọ́n kọ́ tí ó sì gbà. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣìwà hù, a máa ń béèrè pé ọmọ ta ni. Arísítọ́tù mọ̀ pé títọ́ ọmọ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ nínú ìpín mẹ́rin rẹ̀ tí ó ya ẹni tí a kò kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ti òru méjì tí akápò kejì kò fi sùn, àgbà Yorùbá kò ní dín iyì rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Ohun tí yóò sọ ni pé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni ó jà fún un.

Ẹlòmíràn lè wí pé Yorùbá kò wo inú, pé ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ni a ń wò. Irọ́ ni. Bí kò bá sí ohun tí a ń wá nínú, a kì bá tí ní ọ̀rọ̀ náà “ojú ayé,” èyí tí a fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu rere tí a ṣe kí ènìyàn lè rí i. Ìṣòro wa ni pé ojú kò rí inú. Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì jíròrò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Wọ́n rí i pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí a sọ fún un jẹ́ ìgbàgbọ́. Bí a bá fi èyí wo ìwà, ohun tí a rí kí ènìyàn máa ṣe fún ìgbà pípẹ́ nìkan ni a lè sọ pé a mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé ní ọdún 1975, Sùúrù ni baba Ìwà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kò lè mọ ìwà ẹlòmíràn, kò sì lè tọ́jú tirẹ̀.

Àléébù tiwa kò ju pé a máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìkíni ni a kọ́kọ́ ń rí, nítorí náà òun ni ó rọrùn jù láti fi tan ènìyàn. Akápò àkọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ orúnkún, kò gba ti ọwọ́. Àkọ́ìgbà tí ó wọ aṣọ ọmọlúàbí ni. Àmì rẹ̀ kò ṣòroó rí: ẹ̀yìn ẹni ni kí a ti wò ó, àti níbi tí owó bá wà ní kọ̀rọ̀. Ẹnì kejì ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ènìyàn í kí kò tí ì pé ní ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ìkíni ṣì ṣe é kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Òdodo kò ṣe é kọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ̀wé, n kò kọ “ọmọlúàbí” sí ti ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ. Mo kọ ọ́ fún ẹnì kejì pé ó dá 6,000 náírà padà nígbà tí kò sí ẹni tí ó mọ̀, àti pé ó yẹ kí ó túbọ̀ kọ́ ìkíni. Mo kọ ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ pé a máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, àti pé n kò rí ìwé ìnáwó rẹ̀. Kò tún dọ̀bálẹ̀ kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà.