Ojú-ìwé Tí Etí Ń Kà

Ká sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ń ta fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé lórí ayélujára. Ẹni tó ṣe ojú-ìwé náà ti fi ètò ayẹ̀wò aládàáṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ètò náà sì ní kò sí wàhálà. Bàbá kan tí kò ríran wá ṣí i láti ra fọ́ọ̀mù fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ akàwé tó ń bá a ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà pe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, ó sọ pé "àwòrán," ó sì bọ́ sórí nọ́ńbà fóònù. Iye owó dà? Ọjọ́ ìdánwò ńkọ́? Inú pósítà tí wọ́n gbé síbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí bàbá yìí ń gbọ́ kò ní náwó. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹ̀rọ akàwé orí Windows tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, tí James Teh sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn. TalkBack sì wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android.

Ohun tí wọ́n kọ sídìí pósítà náà nìyí:

```html
<img src="posita.jpg" alt="àwòrán">
```

Ètò ayẹ̀wò rí i pé `alt` wà níbẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ rèé:

```html
alt="Owó fọ́ọ̀mù ₦5,000. Ìdánwò: 14 Oṣù Kẹfà, aago 9 àárọ̀"
```

Ó tilẹ̀ sàn jù kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbangba sójú-ìwé, nítorí ẹni tó ríran náà lè fẹ́ da nọ́ńbà kọ láti ibẹ̀. Ti òdòdó tí wọ́n fi ṣe ìgun ojú-ìwé lẹ́ṣọ̀ọ́ yàtọ̀: `alt=""` ló tọ́ sí i, kí ẹ̀rọ lè fò ó láìsọ̀rọ̀. Òfìfo yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kéèyàn má kọ `alt` rárá. Níbi tí kò bá ti sí i, àwọn ẹ̀rọ kan á máa ka orúkọ fáìlì sí olóhun létí. Bọ́tìnnì tó ní àwòrán awò ńkọ́? "Wá" ni kí ó máa jẹ́, torí iṣẹ́ tó ń ṣe ni olùlò fẹ́ mọ̀.

Ẹni tó ń fi etí kàwé kì í jókòó gbọ́ ojú-ìwé láti òkè délẹ̀. Lórí NVDA, bó bá tẹ H, á fò lọ sí àkọlé tó kàn. Bó bá tẹ 2, á lọ sí àkọlé ìpele kejì. Lójú-ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, "Bí a ṣe ń sanwó" tóbi, ó dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n `div` lásán ni. H kò rí i. "Owó fọ́ọ̀mù" sì jẹ́ `h4` lábẹ́ `h1`, torí pé ayàwòrán fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Bàbá wa á máa rò ó bóyá òun ti fo ìpele kejì àti ìkẹta kọjá. Ká sòótọ́, ìlànà WCAG kò ka fífo ìpele sí ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdààmú tó ń fà kò kéré. Kí wọ́n sọ ọ́ di `h2`, kí wọ́n sì fi CSS dín lẹ́tà rẹ̀ kù. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè tẹ Insert pẹ̀lú F7 kí NVDA to gbogbo àkọlé sílẹ̀: bí àtòjọ yẹn kò bá yé èèyàn láìrí ojú-ìwé, iṣẹ́ ṣì kù.

Ó ku ìlà tó ń yí bọ́tìnnì ká. Ẹni tí kò ríran rárá kò nílò rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣi èyí mú. Àwọn tí ojú wọn ríran díẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ akàwé tí wọ́n sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà pọ̀, ló máa ń fi í mọ ibi tí wọ́n wà; bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di máòsì mú. Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán kò fẹ́ràn ìlà yìí, wọ́n á kọ `outline: none`, ó parí. Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn:

```css
:focus-visible {
  outline: 3px solid #003399;
  outline-offset: 2px;
}
```

Àwọ̀ náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n 3 sí 1, ó kéré tán. Lórí ojú-ìwé funfun, búlúù yìí kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Kí aláyẹ̀wò wá ti máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa tẹ Tab láti òkè, kó sì máa tẹ̀ lé ìlà náà. Lójú-ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ìlà náà dé orí orúkọ ọmọ, ó dé orí nọ́ńbà fóònù, ó wá fo "Sanwó" kọjá bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. `div` tí wọ́n fi `onclick` sí ni "Sanwó," máòsì nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di `button`, Tab á dúró lórí rẹ̀, NVDA á pè é ní bọ́tìnnì, bàbá náà á sì lè fi Enter sanwó.