Lítà mélòó ló wà nínú àmù?

Ẹnu àmù fún, ikùn rẹ̀ tóbi, ìdí rẹ̀ rí roboto. Ẹni tó ń pọnmi sí i mọ iye korobá tó ń kún un, ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, tí a sì fẹ́ da oògùn apakòkòrò sí i, ọ̀rọ̀ di ti lítà, nítorí lítà ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n sára ìgò oògùn náà. Bí a bá fojú bù ú tó sì lé, oògùn á pọ̀ jù, omi á máa rùn. Bí ó bá dín, kòkòrò ò ní kú tán. A ò sì lè torí oògùn da omi odindi àmù jáde ká máa fi ife wọ̀n ọ́n.

Tépù télọ̀ àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ ti tó fún iṣẹ́ náà. Kí a ti ọ̀pá bọ inú omi títí yóò fi kan ìdí àmù, kí a fà á yọ, kí a sì wọn ibi tó tutù dé. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48. Kí a tún wọn bí ojú omi ṣe jìn sí ẹnu àmù tó. Ìwọ̀n kejì yìí ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí ojú omi wà bí a bá dúró síta. Láti ẹnu ni kí a ti máa wọ̀n ọ́n bọ̀ nísàlẹ̀, kì í ṣe láti ilẹ̀ lọ sókè, nítorí amọ̀ ìdí àmù nípọn, ilẹ̀ àti ìdí omi kì í ṣe ọgbọọgba. Kí ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù sì dúró ṣánṣán. Bí tépù bá ń tẹ̀lé ikùn àmù bó ṣe tẹ̀, gígùn rẹ̀ á ju bí omi ṣe jìn lọ.

A ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi méjì lára àmù: ibi tí ojú omi wà, àti ibi tó jẹ́ ìdajì omi, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 24 sísàlẹ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà, a ó fi tépù yí àmù ká ní ibi méjèèjì. Ká ní tépù yí i ká ní 167 ní ìdajì, àti 119.4 ní ojú omi. Ẹ̀yìn àmù ni a ṣì wọ̀n yẹn o, inú sì ni omi wà. Bí amọ̀ náà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀, ká sọ ọ́ di ìlọ́po 6.28, yóò fún wa ní 9.4. Ìyẹn la ó yọ kúrò nínú ìyíká kọ̀ọ̀kan. Ó ku 157.6 ní ìdajì, 110 ní ojú omi. Ẹni tó bá gbàgbé ìyọkúrò yìí yóò ka amọ̀ mọ́ omi.

Nísinsìnyí, ẹ fojú inú wò ó bíi pé a ń gé omi inú àmù ní ìbú, bí a ṣe ń gé iṣu, kí ìgé kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú ìgé kọ̀ọ̀kan jẹ́ òbìrìkìtì. Láti mọ bí ojú náà ṣe fẹ̀ tó, a ó sọ ìyíká inú di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi 12.57 pín in. Ní ìdajì, ó jẹ́ bíi 1,976. Ní ojú omi, ó jẹ́ 963. Ìdí àmù jẹ́ roboto, nítorí náà ìgé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ní ojú kankan, òdo ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á mú ojú ìgé ìdajì, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 48, wọ́n á rí lítà 95. Ṣùgbọ́n ibi tí àmù ti sanra jù lọ ni wọ́n mú. Bí ẹnìkan bá sì mú ìdajì àpapọ̀ ojú ìgé ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ nìkan, tó sọ ọ́ di ìlọ́po 48, lítà 23 ni yóò rí. Kò sí èyí tó sún mọ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí a ka ìgé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgé ìdajì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìgé ojú omi lẹ́ẹ̀kan, kí a ró wọn pọ̀, kí a sọ àpapọ̀ náà di ìlọ́po bí omi ṣe jìn, kí a sì fi 6 pín in:

48 ÷ 6 × (0 + 4 × 1,976 + 963) = 70,936

Sẹ̀ǹtímítà kúúbù 1,000 ló ń jẹ́ lítà kan, nítorí náà omi náà fẹ́ẹ̀ tó lítà 71. Ẹni tó bá da oògùn lítà 95 sí i ti fi bíi ìdámẹ́ta lé e.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin? Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a ti mọ̀ dán an wò. Páìpù tó dúró ṣánṣán ní ojú ìgé kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà, a fi 6 pín in, ojú ìgé kan ló kù, ìlọ́po gíga rẹ̀. Ó pé. Kọ́ọ̀nù tó ṣe ṣónṣó ńkọ́? Ṣónṣó rẹ̀ jẹ́ òdo. Ní ìdajì gíga, ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti ìdí, nítorí náà ojú ìgé ibẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin ti ìdí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ìdámẹ́rin jẹ́ odidi kan, ẹ fi ti ìdí kún un, ó di 2. Ẹ fi 6 pín 2, ó di ìdámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí i láìkù síbì kan. Ìgé àárín ló ń sọ̀rọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù lọ nínú omi, ìgé òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún etí nìkan.

Ní 1613, ọ̀rọ̀ yìí kan náà gba ọkàn Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń gbé ní ìlú Linz ní ilẹ̀ Ọ́síríà. Ó ń fẹ́ ìyàwó kejì lẹ́yìn ikú ti àkọ́kọ́, ó sì ra àgbá wáìnì sílé. Nígbà tí òntajà dé láti gba owó, ọ̀pá kan péré ló mú wá. Ó ti ọ̀pá náà bọ ihò tó wà láàárín ikùn àgbá, ó dá a ní ìdábùú títí tó fi kan etí ìdérí lódìkejì, ó ka nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá, ó sì pe owó. Kò bìkítà bóyá àgbá náà gùn tàbí ó kúrú. Kepler mọ̀ pé àgbá gígùn tó tín-ín-rín àti àgbá kúkúrú tó sanra lè mú kí ọ̀pá ka nọ́ńbà kan náà, kí wáìnì inú wọn má sì dọ́gba. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, ní 1615 ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn lórí bí a ṣe ń wọn àgbá wáìnì.

Ohun tó rí wú mi lórí. Ká ní àgbá náà dà bíi páìpù, tí ọ̀pá kò sì yí padà, wáìnì á pọ̀ jù lọ nígbà tí gígùn àgbá bá jẹ́ ìlọ́po 1.41 ìbú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, àṣìṣe kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára. Bí a bá fi ìdákan nínú mẹ́wàá kún gígùn náà, wáìnì inú rẹ̀ kì í dín ju bíi lítà kan àtààbọ̀ nínú 100 lọ. Àwọn tó ń kan àgbá ní Ọ́síríà sì ń kàn án ní ìrísí tó sún mọ́ èyí. Ọ̀pá òntajà ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n fún àgbá irú ìyẹn nìkan. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe ìlànà ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ní òfin àgbá ti Kepler. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ Thomas Simpson pè é, ahunṣọ tó di olùkọ́ ìṣirò, tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1743.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ìlànà náà tan wá? A ó pín omi sí méjì, ká ṣe ìṣirò náà fún apá kọ̀ọ̀kan. Nínú àmù wa, a ó tún wọn ìyíká ní sẹ̀ǹtímítà 12 àti 36 sókè ìdí omi. Ká ní inú rẹ̀ jẹ́ 128 àti 150. Apá ìsàlẹ̀ yóò fún wa ní lítà 28.8, apá òkè ní 40.4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 69. Lítà 2 péré ló wà láàárín rẹ̀ àti 71. Fún oògùn inú omi, ìyẹn ti tó.

Ibi tí ìlànà yìí ti ń yọ̀ ni táǹkì tí a dá dùbúlẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rì sábẹ́ ilẹ̀ ilé epo. Ká ní ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, gígùn rẹ̀ mítà 6, kí ó sì kún. Bí a bá gé e ní pẹrẹsẹ bíi ti àmù, ojú ìsàlẹ̀ jẹ́ òdo, ojú òkè jẹ́ òdo, ojú àárín jẹ́ 12, ìṣirò á sì fún wa ní lítà 16,000. Ẹ pín in sí méjì kí ẹ tún un ṣe, ó di nǹkan bí 17,860. Nígbà tí ìdáhùn bá fò bẹ́ẹ̀, kò ṣeé gbà. Ohun tó fà á ni pé láti ìsàlẹ̀, ojú ìgé kì í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ńṣe ló ń là gbàà lẹ́ẹ̀kan náà, ìgé mẹ́ta péré ò sì lè rí i. Ẹ yí ọ̀bẹ padà, kí ẹ gé e láti ìdérí kan dé ìkejì. Gbogbo ìgé di òbìrìkìtì kan náà, ìdáhùn sì di 18,850, tó pé pérépéré. Kí a tó fọwọ́ kan tépù, ibi tí a ó gé e sí ni kí a kọ́kọ́ yàn, kí ojú ìgé má baà máa yí padà lójijì.

Bí táǹkì yẹn kò bá kún ńkọ́? Ìdí rẹ̀ nìyí tí máníjà ilé epo fi ń ti ọ̀pá bọ táǹkì, kó tó wo ìwé tí wọ́n ṣe fún táǹkì yẹn gan-an. Nínú táǹkì tí a ń sọ yìí, sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ jẹ́ bíi lítà 11. Sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ikùn rẹ̀ jẹ́ lítà 120. Àṣìṣe ọwọ́ kan náà lórí ọ̀pá kan náà di ìlọ́po mọ́kànlá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀pá tirẹ̀ fún táǹkì tó dùbúlẹ̀ nílé, kí ó da omi tí a ti wọ̀n sí i ní korobá korobá, kí ó máa sàmì sí ọ̀pá bó ṣe ń dà á, kí àmì rẹ̀ sì pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀ àti òkè. Ihò kan náà ni kí ó máa ti ọ̀pá bọ̀ nígbà gbogbo, nítorí bí táǹkì bá tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, omi á jìn lápá kan ju èkejì lọ, ọ̀pá á sì máa ka ohun tí kò sí.