Bí Ìhà Kan Bá Ń Jóni Bí Iná

Ká ní ìyá ẹni ọdún 62 kan jí, tí ìhà ọ̀tún rẹ̀ ń jó o láti ẹ̀yìn wá sí abẹ́ ọmú, bí ẹni dè é lọ́já. Kò kọjá sí òsì. Aṣọ lásán tó bá kàn án ń dùn ún, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan lójú awọ. Lọ́jọ́ kẹta, ibẹ̀ pọ́n, roro olómi sì sú jọ.

Ṣíńgúùsì nìyẹn. Kòkòrò ṣíkínpọ́ọ̀sì tó ṣe é ní kékeré ló sá pamọ́ sínú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, tó tún wá jí. Oògùn asaikilófíà ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72 tí roro yọ. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dunni láìsí roro, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọkàn wò.