Ohun Tó Ti Kọjá Tó Ṣì Ń Dí Ìṣirò Lọ́wọ́

Ní ọdún 1966, H. H. Robertson gbé ìṣirò kẹ́mísírì kékeré kan jáde. Èròjà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: A, B àti C. A ń di B, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń lọ. Bí B méjì bá pàdé, ọ̀kan nínú wọn á di C, ìyẹn sì yá kọjá sísọ. Bí B bá pàdé C, B á padà di A, òun náà ò sì fi falẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ yìí ṣì máa ń fi ìṣirò Robertson dán ètò wọn wò, torí pé ọ̀pọ̀ ètò tó ń ṣe dáadáa níbòmíràn ló ti rì sínú rẹ̀.

```
A' = -0.04 A + 10^4 B C
B' =  0.04 A - 10^4 B C - 3*10^7 B^2
C' =  3*10^7 B^2
```

Àmì kékeré tó wà lórí A, B àti C lápá òsì ń tọ́ka sí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára yí padà. Ìdọ́gba ìyípadà nìyí: kì í sọ iye tí nǹkan jẹ́, bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bó ṣe ń dín kù ló ń sọ. Ẹni tó ń ṣírò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ níbi tó mọ̀, níbi tí A ti jẹ́ 1, tí B àti C sì jẹ́ òdo, á wá máa ṣísẹ̀ lọ síwájú nínú àkókò, ní ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìṣirò náà kò ṣòroó ròyìn. B á fò sókè láti òdo títí dé nǹkan bí 0.0000365, gbogbo rẹ̀ á sì ti parí kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 40, A ṣì ku 0.716, B ti rọra wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.0000092, C ló kó ìyókù. Láti ibẹ̀ lọ, A ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà á rí ìlà mẹ́ta tó ń lọ jẹ́jẹ́, láìsí kọ́nà, láìsí gegele. Èèyàn á ní ìṣísẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ ló yẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ọ̀nà ìṣirò tó rọrùn jù lọ ni èyí tí Leonhard Euler kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1768. Wo bí nǹkan ṣe ń yára yí padà níbi tó o dúró sí báyìí, fi gígùn ìṣísẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí o sì fi kún iye tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà tààrà ni, torí ohun tó wà lọ́wọ́ nìkan ló ń lò. Kí ìdí tí ó fi ń kọsẹ̀ tó hàn kedere, ó dára ká fi Robertson sílẹ̀ díẹ̀, ká mú ìdọ́gba kan tí kò ju ìlà kan lọ:

```
y' = -50 (y - cos t)
```

Ohun tí ìdọ́gba yìí ń wí ni pé y gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé cos t, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 1 àti -1, àti pé bí y bá yà kúrò níbẹ̀, agbára ńlá kan á fà á padà. Kí èèyàn fojú inú wo kòtò àgbàrá tóóró kan tí ògiri rẹ̀ méjèèjì ga sókè ṣanṣan. Ìsàlẹ̀ kòtò ni cos t, ọ̀nà ibẹ̀ sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lé ògiri díẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ògiri yẹn á tì í wá sísàlẹ̀. Bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá kúrú, á balẹ̀ sínú kòtò. Bí ó bá gùn jù, á fò kọjá ìsàlẹ̀, á lọ balẹ̀ lórí ògiri kejì, níbi tó tún ga ju ibi tó ti kúrò lọ, ibẹ̀ á sì tún tì í padà pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé e. Ká ní ìṣísẹ̀ jẹ́ 0.05, tí y sì fi 0.01 yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà Euler á fi 1 - 50 × 0.05, ìyẹn -1.5, sọ àṣìṣe yẹn di púpọ̀. 0.01 á di -0.015, á di 0.0225, á di -0.03375. Nígbà tí t bá fi máa dé 1, lẹ́yìn ogún ìṣísẹ̀, àṣìṣe ti lé ní 33. Nígbà tí t bá dé 2, ó ti kọjá 100,000, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tòótọ́ kò lè ju 1 lọ. Kò sì dìgbà tí àṣìṣe bá tó 0.01. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ní ipò kẹrìndínlógún lẹ́yìn àmì ìdá-mẹ́wàá pàápàá á ti ju 1 lọ kí ìṣísẹ̀ tó pé ọgọ́rùn-ún.

Bí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ 0.03, nọ́ńbà yẹn di -0.5, àṣìṣe á sì máa dín kù ní ìdajì ìdajì. 0.04 ni ààlà. Ohun tó pinnu ààlà náà ni pé 50 nígbà ìṣísẹ̀ kò gbọdọ̀ dé 2. Cos t kò sí nínú òfin náà rárá! Bó ti wù kí ìdáhùn rọra lọ tó, agbára tó ń fà á padà ló ń dá ìwọ̀n ẹsẹ̀ fún un, kódà nígbà tí kò sí ohun kan tó ń fà mọ́.

Àwọn onímọ̀ máa ń ya òfin yìí ní àwòrán. Bí wọ́n bá fi ìṣísẹ̀ sọ nọ́ńbà agbára (-50 nínú àpẹẹrẹ wa) di púpọ̀, wọ́n á fi èsì rẹ̀ sójú kan lórí bébà. Ibi tí èsì ti lè bọ́ sí láìjẹ́ kí àṣìṣe wú ni wọ́n ń pè ní àgbègbè ìdúróṣinṣin. Ti Euler jẹ́ róbótó kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ láti -2 tó parí sí òdo. Runge-Kutta onípele mẹ́rin, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹ̀rọ mọ̀ bí ẹní mowó, péye ju Euler lọ fíìfíì, àmọ́ lórí ìlà yẹn, -2.785 péré ni tirẹ̀ dé. Iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ìṣísẹ̀ tí kò gùn tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Kò sí ọ̀nà tààrà kankan nínú ẹbí yìí tí àgbègbè rẹ̀ kò ní ààlà.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Robertson. Agbára tó ń fa B padà sípò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,200 nígbà tí B ṣẹ̀ṣẹ̀ fò sókè tán, ó ń lọ bí 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 40, ó sì ń sún mọ́ 10,000 bí C ti ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé Euler kò lè gbé ìṣísẹ̀ tó ju 0.0002 lọ nígbẹ̀yìn. Wọ́n sábà máa ń ṣírò Robertson dé ìṣẹ́jú-àáyá bílíọ̀nù 40. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe mílíọ̀nù kan ìṣísẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á lò ju ọdún mẹ́fà lọ nídìí rẹ̀, nítorí èròjà kan tó ti parí ìrìn rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Ìdọ́gba tó bá ń ṣe báyìí ni wọ́n ń pè ní ìdọ́gba líle. Ó ní bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣe lè dá a mọ̀. Bí ètò tó ń lo ọ̀nà tààrà, irú bíi `RK45` inú SciPy, bá ń rákò níbi tí ìlà ti ń lọ jẹ́jẹ́, kí ó dẹ ìwọ̀n àṣìṣe tó gbà láyè ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lórí ìdọ́gba lásán, iye ìṣísẹ̀ á dín kù. Bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, kì í ṣe ìpéye ló ń dá a dúró mọ́, ààlà àgbègbè ìdúróṣinṣin ni.

Curtiss àti Hirschfelder, ní Yunifásítì Wisconsin, ló kọ̀wé nípa ìdọ́gba líle ní 1952, wọ́n sì dábàá ọ̀nà àbáyọ. Dípò kí a lo ìyára ibi tí a dúró sí, ká lo ti ibi tí a ń lọ. Ọ̀nà ìwòwájú nìyẹn. Bí Euler bá gbà á bẹ́ẹ̀, àṣìṣe inú àpẹẹrẹ wa kò ní pọ̀ ní -1.5 mọ́. 1 + 50 × 0.05, ìyẹn 3.5, ni a ó fi pín in ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fa ìṣísẹ̀ gùn dé 1, 51 ni a ó fi pín in. Bí ó ti wù kó gùn tó, àṣìṣe kò ní wú. Àgbègbè rẹ̀ kó gbogbo apá òsì bébà náà.

Owó ibẹ̀ ni pé iye tí a ń wá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìdọ́gba, ó sì di dandan ká tú u ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń ṣubú síbí. Wọ́n á mú iye kan, wọ́n á fi sí apá ọ̀tún, wọ́n á gba iye tuntun, wọ́n á tún fi í padà síbẹ̀, títí iye náà á fi dúró sójú kan. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n lórí àpẹẹrẹ wa, kìkì ìgbà tí 50 nígbà ìṣísẹ̀ kò bá dé 1 ló ń dúró sójú kan. Ààlà tí wọ́n sá fún ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó tiẹ̀ tún le sí i. Ọ̀nà Newton ni ojúlówó ètò ń lò. Á kọ́kọ́ ṣírò bí ìyára èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbọ̀n bí òmíràn bá mira, á to èsì náà sórí pátákó nọ́ńbà (mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró fún Robertson), á wá fi tú ìdọ́gba. Iṣẹ́ ńlá ni, pàápàá bí èròjà bá tó ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ LSODE, ètò tí Alan Hindmarsh kọ ní Livermore ní Amẹ́ríkà, fi nǹkan bí 330 ìṣísẹ̀ dé ìṣẹ́jú-àáyá bílíọ̀nù 40.

Ọ̀nà ìwòwájú náà ní ibi tó mọ. Ní 1963, Germund Dahlquist, ọmọ Síwídìn, fi ẹ̀rí hàn pé nínú ẹbí àwọn ọ̀nà tó ń lo ìṣísẹ̀ tó ti kọjá, èyí tó bá kó gbogbo apá òsì kò lè ju ìpele ìpéye kejì lọ. Ìdí nìyẹn tí ìpele kẹta dé ìkẹfà `BDF`, ìran ọ̀nà Curtiss àti Hirschfelder, fi ń yọ̀ǹda díẹ̀ lára apá òsì, lójúnà àtipéye sí i.

Ewu kan wà nínú Robertson fúnra rẹ̀ tí ọ̀nà ìwòwájú kò lè yanjú. B kéré débi pé ìwọ̀n àṣìṣe 0.000001 tó bá A àti C mu ti lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ìdí nìyẹn tí àpẹẹrẹ inú ìwé LSODE fi fún B ní ìwọ̀n tirẹ̀, 10^-10. Nígbà tó bá pẹ́ gan-an, A pàápàá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí àṣìṣe kékeré bá ti í kọjá sísàlẹ̀ òdo nígbà náà, ìdọ́gba fúnra rẹ̀ ló máa fà á lọ sísàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó bá sì rò pé òun á fi àròpọ̀ A, B àti C mọ̀ ọ́n kò ní rí nǹkan kan, torí pé àròpọ̀ náà á ṣì jẹ́ 1 bí ètò ti ń ṣìnà lọ. Àmì ìyọkúrò níwájú A tàbí B ni kó máa wá.