Ẹ̀yìn Ló Fara Pa, Ẹsẹ̀ Ló Ń Ké

Ẹ jẹ́ ká mú bíríkìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ gbé àpò sìmẹ́ǹtì, 50 kílò, tó sì yí ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Nǹkan já lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìrora ti gba ìdí ọ̀tún lọ sí ẹ̀gbẹ́ itan àti ojúgun, títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bó bá sín, á ta á pàrà. Làkúrègbé ni ará ilé pè é. Ibi tí wọ́n ń fi róòbù pa, ẹsẹ̀ ni, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀.

Egungun 24 ló ń mira nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Méje ti ọrùn kéré, wọ́n sì ń yí dáadáa. Méjìlá ti àyà so mọ́ egungun ìhà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mira, dísìkì ibẹ̀ kì í sì í sábà yọ. Márùn-ún ti ìbàdí ló tóbi jù, nítorí àwọn ló ń gbé gbogbo ara òkè.

Ẹ̀bá dísìkì tó wà láàárín egungun jẹ́ fọ́nrán líle, ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà. Inú rẹ̀ rọ̀, ó ń yọ̀, omi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, omi yẹn ń dín kù, àwọn ìpele náà sì ń sán díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀, iwájú dísìkì á fún pọ̀, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Okùn líle kan dí i lọ́nà ní agbedeméjì, àmọ́ okùn náà kò nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń gbà yọ, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára ń gbà kọjá.

Àárín egungun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún ni ti bíríkìlà yìí ti yọ. Síbẹ̀, iṣan kẹrin kọ́ ló tẹ̀. Ìyẹn ti jáde lókè dísìkì kó tó débẹ̀. Ìkarùn-ún, tó ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ihò tirẹ̀, ló bá a pàdé. Òun ló ń gbé ìmọ̀lára àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọpọlọ fi gbà pé ẹsẹ̀ ló ń dun ún.

Dókítà lè mọ èyí lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tó ya fọ́tò kankan. Á ní kó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, á gbé e sókè. Kò ní tíì ga púpọ̀ tí ìrora á fi ta kọjá orúnkún. Á fi ìka tẹ àtàǹpàkò, á ní kó tì í sókè, kò ní lè ṣe é dáadáa. Bó bá jẹ́ dísìkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló yọ, dídúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ì bá ṣòro.

Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí iṣẹ́ abẹ, torí ara fúnra rẹ̀ máa ń jẹ ohun tó yọ náà run. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ àti ìdí bá kú tipiri, tí ìtọ̀ kò sì jáde mọ́, a jẹ́ pé dísìkì ti tẹ ìdì gbòǹgbò iṣan tó wà láàárín. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kó má di ọ̀la.