Omi inú ẹ̀gẹ́ ń da ìṣirò oúnjẹ rú

Ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àti abúlé tó yí i ká, ẹni tó ń yan gàrí mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan kì í mú iye gàrí kan náà wá nígbà gbogbo. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí igi ẹ̀gẹ́ ń rú ewé tuntun, ìyẹ̀fun inú iṣu rẹ̀ á dín, omi á pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan alátọ̀gbẹ tó ń ṣírò ìyẹ̀fun àti ṣúgà tó ń jẹ kó tó gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ìwé ìṣirò oúnjẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé 100 gíráàmù ẹ̀gẹ́ tútù ní gíráàmù 38, torí pé ẹ̀gẹ́ tiwọn ní omi bí 60. Ẹ jẹ́ ká mú 300 gíráàmù tí a ti bó: ìwé náà á fún wa ní 114. Bí tiwa bá ní omi 70, nǹkan bí 84 péré ni. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ fún 114, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù.

Àwọn ìwé náà kò sì bára mu. Ti Amẹ́ríkà ka fáíbà, tí ikùn kì í lò tán, mọ́ ọn. Èyí tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé ṣe fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 2019 yọ fáíbà kúrò.

Ẹ lè yẹ ẹ̀gẹ́ yín wò. Ẹ rin 100 gíráàmù, ẹ yan án lórí iná jẹ́jẹ́ láìjẹ́ kó jóná, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bó bá ku 30, omi rẹ̀ jẹ́ bí 70. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn han dókítà. Ẹ má dá oògùn yí padà fúnra yín.