Abẹg: Ẹ̀bẹ̀ Tó Lè Di Ìkanra

Inú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "mo bẹ̀ ọ́" ni abẹg ti jáde, ṣùgbọ́n nínú Píjìn Nàìjíríà, ohùn ló ń fi hàn bóyá ẹ̀bẹ̀ ni tàbí ìbínú. Ẹ fojú inú wo èrò ọkọ̀ dánfó kan l'Ékòó tó ní: "Abẹg, gif mi mai chenj." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó fa ìparí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ohun tó ń tọrọ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ńdọ́ ní kò sí ṣéńjì. Èrò náà fèsì: "Abẹg, abẹg!" Ó gé e kúrú, ohùn lọ sókè, kò sì tọrọ nǹkan kan mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé, "Má fi mí ṣeré." Tó bá wá bọ́ sí ìparí àṣẹ, bíi "Komọt fọ rod, abẹg!", ìkanra ló sábà máa ń jẹ́.

"Jọ̀ọ́" tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi" yàtọ̀ pátápátá sí "Kúrò níbẹ̀ jọ̀ọ́!" Àmọ́ abẹg kò ní "ẹ" ọ̀wọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ẹ fi "sa" tàbí "ma" tì í lẹ́yìn. Ohùn pẹ̀lẹ́ nìkan kò tó.